Oúnjẹ àkọ́kọ́ fún ọmọ oṣù mẹ́fà: bí ẹ̀kọ ọmọ kò ṣe ní di omi lásán

Àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn máa ń dán títí wọ́n fi pé oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n bá fi máa pé oṣù mẹ́sàn-án, apá wọn ti tín-ín-rín, irun wọn ti ń pọ́n, àìsàn kékeré ló sì ń dá wọn dùbúlẹ̀. Ìyá á ní òun ń fún ọmọ lóńjẹ, òótọ́ ló sì ń sọ: ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀kọ lọ́sàn-án, ẹ̀kọ lálẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ náà. Ẹ̀kọ olómi kò lágbára tó ọmú tí ọmọ ń mu tẹ́lẹ̀. Tó bá ti kún inú rẹ̀, ọmú tí ó yẹ kó mu á dínkù. Bí ọmọ ṣe ń jẹun tó ṣì ń rù nìyẹn.

Ẹ̀kọ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, torí òun ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé wa fi ń bẹ̀rẹ̀, a kò sì ní láti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí a ṣe ń sè é àti ohun tí a ń pò mọ́ ọn ló yẹ ká tún ṣe.

Ohun tí ẹ ó ní nílẹ̀

- Abọ́ kékeré kan tó jẹ́ ti ọmọ nìkan, kí ẹ lè mọ iye tó jẹ, àti ṣíbí tíì kékeré tí etí rẹ̀ kò mú.
- Ife kékeré tí kò ní ìdérí, fún omi mímu. Ẹ má ra fíídà. Ó ṣòro láti fọ̀ mọ́, ẹ̀kọ olómi nìkan ló sì lè gba ihò rẹ̀ kọjá.
- Ògì tó mọ́, ti àgbàdo tàbí ti ọkà bàbà, tí ẹ ń yí omi orí rẹ̀ lójoojúmọ́. Tí ó bá ti yí àwọ̀ tàbí tí òórùn rẹ̀ kọjá kíkan tí a mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ dà á nù.
- Edé gbígbẹ. Ẹ ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀, ẹ ṣàn án, ẹ sá a tàbí kí ẹ yan án kó gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ sì jọ̀ ọ́. Ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí.
- Epo pupa tó dára, tí wọn kò fi nǹkan lú.
- Ọṣẹ àti omi tó mọ́. Ọwọ́ ẹni tó ń sè é, ọwọ́ ẹni tó ń fún ọmọ, àti ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ni ẹ ó fọ̀.

1. Ẹ wò ó bóyá ọmọ ti ṣe tán

Ọjọ́ orí ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Oṣù mẹ́fà gbáko ni, ìyẹn nǹkan bí ọjọ́ 180. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta á pé oṣù mẹ́fà ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣìṣe níbí, wọ́n á ní ọmọ "ti wọ oṣù kẹfà," nígbà tó jẹ́ pé oṣù márùn-ún péré ló pé. Ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó wá wo àmì mẹ́ta lára ọmọ.

Èkíní ni ọrùn àti ẹ̀yìn. Ẹ gbé ọmọ jókòó sórí itan yín, kí ẹ fi ọwọ́ kan di ìbàdí rẹ̀ mú. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin, kó má máa wọ́ síwá sẹ́yìn. Kò pọn dandan kó ti lè dá jókòó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le kò lè gbé oúnjẹ tó ki mì láìséwu.

Èkejì ni ahọ́n. Ẹ fi ṣíbí tó mọ́, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kan ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì ṣe tán á máa fi ahọ́n tì í síta ní gbogbo ìgbà. Bí Ọlọ́run ṣe dá ọmọ kékeré nìyẹn, kí ohun tí kì í ṣe ọmú má bàa wọ ọ̀fun rẹ̀. Ọmọ tó ti ṣe tán á la ẹnu, á sì fi ètè rẹ̀ pa ṣíbí náà mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ojú, ọwọ́ àti ẹnu. Ọmọ á rí nǹkan, á na ọwọ́ sí i, á mú un, á sì gbé e lọ sí ẹnu ara rẹ̀ tààrà. Tí ẹ bá ń jẹun, á máa fi ojú tẹ̀ lé ọwọ́ yín láti inú abọ́ dé ẹnu.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* Ọmọ oṣù mẹ́ta tó ń fa ìka mu, tó ń jí lóru, tàbí tó fẹ́ mu ọmú lemọ́lemọ́ kò tíì ń béèrè ẹ̀kọ. Ìka fífà wà lára ìdàgbà rẹ̀. Ọmú tó ń mu lemọ́lemọ́ ní ọjọ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta ló sì ń jẹ́ kí ọmú ìyá pọ̀ sí i. Eyín híhù náà kì í ṣe àmì, torí èrìgì ni ọmọ ń fi tẹ oúnjẹ ní ìbẹ̀rẹ̀. Tí ìyá àgbà bá ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ nítorí ooru, ẹ rọra ṣàlàyé fún wọn pé omi ló pọ̀ jù nínú ọmú, kí ẹ sì gbé ọmọ sí ọmú lójú wọn. Títí oṣù mẹ́fà á fi pé, kò nílò omi, kò sì nílò àgbo. Oògùn tí dókítà kọ fún un yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ẹ má sì fi falẹ̀ tí oṣù mẹ́fà bá ti pé tí àmì wọ̀nyí sì ti hàn. Láti inú oyún ni ọmọ ti tọ́jú èròjà irin tó fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sára, ó sì máa ń tán lọ ní nǹkan bí oṣù kẹfà. Irin tó wà nínú ọmú kéré púpọ̀. Ọmọ tí a fi ọmú nìkan tọ́ dé oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lè sanra lójú, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì má tó.

Tí ọmọ yín kò bá pé oṣù kí a tó bí i, ẹ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Oṣù mẹ́fà ti pé, àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà pa pọ̀, wọ́n sì ń hàn lójoojúmọ́. Tí ahọ́n nìkan bá ṣì ń ti ṣíbí síta, ẹ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tún gbìyànjú.

2. Ẹ se ẹ̀kọ tó ki

Ikùn ọmọ oṣù mẹ́fà kò ju nǹkan bí ife kan lọ. Yàtọ̀ sí ọmú, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní agbára tó tó kálórì 200. Tó bá jẹ́ ẹ̀kọ olómi bí èyí tí àgbàlagbà ń fi ife mu ni, ọmọ náà á ní láti mu ún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó líta kan kó tó rí iye agbára yẹn. Kò sí bó ṣe lè ṣe é. Nítorí náà, ohun tó bá wọ inú ikùn kékeré yẹn gbọ́dọ̀ ki, kí ó sì ní nǹkan gidi nínú.

Bí ẹ ó ṣe sè é nìyí:

Ẹ da omi orí ògì nù, kí ẹ bu ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tó kún nínú èyí tó sùn sísàlẹ̀. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta omi tútù pò ó títí kò fi ní kókó mọ́. Ẹ gbé omi tó tó ìlàjì ife tàbí kó lé díẹ̀ kaná nínú ìkòkò kékeré. Tí ó bá ti hó, ẹ dín iná kù, ẹ da ògì tí ẹ ti pò sínú rẹ̀, kí ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ kó máa hó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Omi gbígbóná tí a kàn ń dà lé ògì nínú abọ́ kò tó fún ti ọmọ, torí ògì lè má jinná dénú.

Tí ó bá ti jinná, ẹ fi ṣíbí tíì kan edé lílọ̀ sí i, ẹ rò ó pọ̀ lórí iná fún ìṣẹ́jú kan sí i. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ wá fi ìlàjì ṣíbí tíì epo pupa sí i. Epo yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń fi agbára kún ẹ̀kọ láìjẹ́ kó pọ̀ sí i nínú ikùn. Fítámìn A tó ń ran ojú àti ara ọmọ lọ́wọ́ náà sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ má fi iyọ̀ sí i. Ẹ má fi ṣúgà sí i. Ẹ má fi magí sí i. Ẹnu ọmọ kò tíì mọ adùn wọ̀nyẹn, kò sì ní bèèrè wọn.

Oyin kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ kó tó pé ọdún kan, yálà a sè é tàbí a kò sè é. Ó lè ní kòkòrò kan nínú tí ikùn ọmọ kékeré kò lè ṣẹ́gun, tó sì ń sọ iṣan ara rẹ̀ di aláìlágbára. Mo mọ̀ pé oyin wà lára ohun ìsọmọlórúkọ wa. Àwọn òbí lè tọ́ ọ wò dípò ọmọ.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* Ẹ̀kọ máa ń dì sí i bó ṣe ń tutù, àwọn kan á wá rò pé ó ti ki jù, wọ́n á sì da omi sí i. Tí ó bá ki jù lóòótọ́, ẹ fún ọmú yín díẹ̀ sínú rẹ̀. Á rọ̀, agbára rẹ̀ kò sì ní lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ bu ṣíbí kan, kí ẹ dẹ ṣíbí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀kọ tó dára á dúró sórí rẹ̀. Tí ẹ bá yí ṣíbí dé pátápátá, á já lulẹ̀ lódidi. Tí ó bá ń ṣàn bí omi, ẹ dá a padà sórí iná, kí ẹ fi ògì kún un. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín wò ó kí ẹ tó fún ọmọ, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná.

3. Ṣíbí àkọ́kọ́

Ẹ yan àkókò tí ọmọ jí dáadáa, tí inú rẹ̀ dùn, tí ẹ̀yin náà kò kánjú. Ẹ kọ́kọ́ fún un lọ́mú díẹ̀, torí ọmọ tí ebi ti ń pa gidigidi kì í ní sùúrù fún ṣíbí. Ẹ gbé e jókòó sórí itan yín tàbí sórí àga, kó dojú kọ yín, kí ẹ̀yìn rẹ̀ nàró.

Ẹ bu díẹ̀ sí ẹnu ṣíbí, ẹ gbé e dúró níwájú ẹnu rẹ̀, kí ẹ dúró dè é. Òun ni yóò la ẹnu. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣíbí tíì méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Ó ṣeé ṣe kí ìlàjì rẹ̀ tú jáde sí àgbọ̀n rẹ̀. Ó lè fa ojú ro, ó sì lè ṣe bí ẹni tó fẹ́ bì díẹ̀. Gbogbo ìyẹn kò burú, ó ń kọ́ bí a ti ń gbé nǹkan mì ni.

*Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù níbí:* Ẹ má dá ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ da ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, kí ẹ sì dí imú rẹ̀ kó lè gbé e mì. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn, àwọn tó ṣe é sì fẹ́ wa dénú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sunkún tó sì ń wá èémí lè fa ẹ̀kọ gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè kú lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sì kú, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró lè tẹ̀ lé e. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọ tí wọ́n ń fipá bọ́ á kórìíra oúnjẹ, á sì máa sunkún tó bá ti rí abọ́.

Ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tó fẹ́ bì àti ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun. Ẹni tó fẹ́ bì á máa wúkọ́, ohùn rẹ̀ á máa jáde, ojú rẹ̀ lè pọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀, á bọ́ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí oúnjẹ há lọ́fun kò ní lè ké, kò ní lè wúkọ́, ètè rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí apá yín, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ju àyà lọ, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín èjìká méjèèjì. Tí kò bá jáde, ẹ yí i padà, kí ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe é ní àṣetúnṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi ìka wá inú ọ̀fun rẹ̀ tí ẹ kò bá rí nǹkan náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ọmọ tó fẹ́ sí i á fara sún mọ́ ṣíbí, á sì la ẹnu. Ẹni tó yó á yí orí kúrò, á pa ẹnu dé tàbí kó fi ọwọ́ ti ṣíbí. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti dáwọ́ dúró, kódà bó bá ku ṣíbí kan péré.

4. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: bí ẹ ó ṣe máa fi nǹkan kún un

Ká ní ọmọ kan pé oṣù mẹ́fà lọ́jọ́ Sátidé, ìyá rẹ̀ á sì padà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, lẹ́yìn ọmú àárọ̀, ó fún un ní ṣíbí tíì méjì ẹ̀kọ tó ki. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú àti Ajé, ṣíbí ń lé díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ kún un. Nígbà tí Sátidé kejì fi máa dé, ọmọ ti ń jẹ ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ọmú rẹ̀ kò sì dínkù.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló fún un lẹ́yin. Ó sè é le dáadáa, ó tẹ ìdá mẹ́rin rẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ. Òwúrọ̀ ló fún un kì í ṣe alẹ́, kí ojú lè wà lára ọmọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó fi oúnjẹ tuntun mìíràn sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ìdí ni pé tí ara ọmọ bá kọ nǹkan kan, ìyá á mọ èyí tó fà á. Tí ara ọmọ bá sú lójijì, tí ètè rẹ̀ wú, tàbí tó ń bì lemọ́lemọ́, ẹ dá oúnjẹ náà dúró, kí ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì. Tí mímí bá ṣòro fún un, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó bọ ẹja, ó ṣa egungun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìka tẹ ẹran ẹja náà kúnná, ó pò ó mọ́ ànàmọ́ tí ó sè tó sì tẹ̀ pẹ̀lú epo pupa díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé gbẹ̀gìrì tí kò ní ata wọlé, ó sì fi ẹ̀dọ̀ adìẹ tó jinná tẹ̀ lé e. Ẹ̀dọ̀ ni mo gbójú lé jù nínú gbogbo rẹ̀ fún irin, ó rọ̀, kò sì wọ́n bí ẹran. Ṣíbí ìjẹun kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, torí fítámìn A inú rẹ̀ pọ̀ gan-an. Fún ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ tó pọ́n tàbí omi ọsàn díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á jẹ́ kí ara ọmọ rí irin inú wọn gbà dáadáa.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* Wọ́n á bu omi ọbẹ̀ fún ọmọ, kí ẹran tàbí ẹja wà fún àgbà. Irin kò sí nínú omi ọbẹ̀ tó ohun tí ọmọ nílò, inú ẹran náà ló wà. Ẹ̀pà odidi kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná kí ẹ fi ìlàjì ṣíbí tíì ro ẹ̀kọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ẹyin, ẹja, ẹ̀wà tàbí ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ máa wà nínú oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́, kó má jẹ́ ẹ̀kọ àti edé nìkan. Ìgbẹ́ rẹ̀ á ki sí i, òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

5. Láti ibẹ̀ dé oṣù kẹjọ

Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó ìlàjì ife lẹ́ẹ̀kan. Ọmú ṣì ni ó kó ipa tó pọ̀ jù, tọ̀sán-tòru, ó sì yẹ kó máa bá a lọ títí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nísinsìnyí ọmọ lè máa mu omi díẹ̀ nínú ife lẹ́yìn oúnjẹ, omi tí a ti sè tí a sì jẹ́ kó tutù. Ní oṣù kẹjọ, ẹ má lọ oúnjẹ rẹ̀ kúnná mọ́. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí kókó rírọ̀ wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ìbẹ́pẹ tàbí ànàmọ́ tó rọ̀ mú lọ́wọ́.

Ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́ máa ń rọ ẹ̀kọ sínú fúláàsì fún ìyá àgbà. Ìgbẹ́ gbuuru ọ̀pọ̀ ọmọ ti ibẹ̀ wá. Ẹ̀kọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí mẹ́fà ni kòkòrò fẹ́ràn jù. Ẹ fi ògì, edé lílọ̀ àti epo sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n sè é lákòókò tí ọmọ á jẹ ẹ́. Oúnjẹ tó bá ti kọjá wákàtí méjì níta kì í ṣe ti ọmọ mọ́. Èyí tí ṣíbí rẹ̀ ti kàn náà kò ṣeé tọ́jú fún ìgbà mìíràn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gbé ọmọ lọ wọ̀n lóṣooṣù ní ilé ìtọ́jú tó wà nítòsí. Ìlà tó wà lórí káàdì rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gòkè. Tó bá dúró sójú kan tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ má dúró de oṣù tó tẹ̀ lé e. Bí ìlà náà tilẹ̀ ń gòkè, ẹ béèrè fítámìn A lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí ẹ bá lọ wọ̀n ọ́n, ìyẹn hóró aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí mọ́kànlá.

6. Tí ọmọ bá kọ oúnjẹ, tàbí tí inú rẹ̀ bá ń ṣe gbuuru

Ọmọ tó kọ ẹ̀dọ̀ lónìí lè jẹ ẹ́ tí ẹ bá gbé e wá ní ìgbà kẹjọ tàbí kẹwàá. Ẹ má fi ṣúgà tàn án. Ẹ fún un ní díẹ̀, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún gbé e wá lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan.

Tí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, ẹ má dá oúnjẹ dúró, ẹ má sì dá ọmú dúró. Ẹ fún un lọ́mú lemọ́lemọ́, kí ẹ fún un ní oúnjẹ kékeré lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fi omi tó mọ́ po òórẹ́sì bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, kí ẹ máa fi ṣíbí fún un, pẹ̀lú síńkì mílígíráàmù 20 lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, bí ìgbẹ́ tilẹ̀ ti dúró. Nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, ẹ fi oúnjẹ kan kún ti òòjọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lè gba ohun tó pàdánù padà.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá tí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá wọnú, tí ojú rẹ̀ jìn, tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tí kò lè mu ọmú, tàbí tó kàn ń sùn tí kò ṣeé jí dáadáa.